Etí Àpótí Ni Kó O Kọ́kọ́ Wò

Ọkọ jẹ́ AS, ìyàwó náà jẹ́ AS: irú ọmọ wo ni wọ́n lè bí? Akẹ́kọ̀ọ́ bàọ́lọ́jì á ya àpótí tí Reginald Punnett, onímọ̀ ará Ìlú Ọba, fi sílẹ̀, á sì kó lẹ́tà sí i. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ wo inú àpótí yẹn o. Etí rẹ̀ ló ń wò.

Lẹ́tà etí àpótí ló dúró fún àtọ̀ baba àti ẹyin ìyá. Ẹni tó jẹ́ AS ní jíìnì méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló ń bọ́ sínú àtọ̀ tàbí ẹyin kọ̀ọ̀kan. A àti S ló yẹ kó wà lókè, àwọn náà ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹnì kan bá kọ odidi AS sójú kan, ọmọ inú àpótí á di AASS. Ọmọ tí lẹ́tà tirẹ̀ pọ̀ ju ti òbí lọ ti tú àṣírí. Bí etí bá tọ́, inú á fún wa ní AA kan, AS méjì, SS kan.

Ìbéèrè oníjíìnì méjì ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Ká ní tọkọtaya yìí tún jẹ́ Dd ní ti Rísọ́ọ̀sì, èyí tí dd jẹ́ nẹ́gétíìfù. Ẹlòmíì á kọ AS sí ìlà kan, Dd sí òmíì. Ẹyin tó gbé A àti S láìní D tàbí d kò pé, ó sì tún lé. Lẹ́tà kan láti inú méjì kọ̀ọ̀kan ni: AD, Ad, SD, Sd. Mẹ́rin lókè, mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilé mẹ́rìndínlógún.

Èèyàn lè yẹ ìdáhùn wò láìtún àpótí yà. SS jẹ́ 1/4, dd náà jẹ́ 1/4. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, 1/16 ni. Nítorí náà ilé kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ní SSdd. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ẹ padà sí etí. Ìṣirò yìí bá a mu torí pé orí kuromósóòmù kọkànlá ni jíìnì A àti S wà, ti Rísọ́ọ̀sì sì wà lórí èkíní. Jíìnì tó bá fara kọ́ra lórí kuromósóòmù kan náà kì í pín báyìí.

Àpótí lè tọ́ kí gbólóhùn ìparí ṣì tàsé. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ pé bí AS méjì bá bí ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan yóò ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Rárá o. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní 1/4 tirẹ̀, kò bìkítà fún ẹ̀gbọ́n tó ti wáyé. Kí ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ lọ́wọ́ SS, 3/4 la ó sọ di púpọ̀ lọ́nà mẹ́rin, ó sì jẹ́ 81/256, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta kan. Ẹni tó kọ “yóò ní” níbi tó yẹ kó kọ “ó ṣeé ṣe kó ní” ti gba òdo níbẹ̀.