Ọjọ́ Orí Ló Dáàbò Bo Sìgá

Ohun méjì lè máa rìn pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Ohun kẹta lè wà lẹ́yìn tó ń ti àwọn méjèèjì. Amúnisìnà ni ohun kẹta náà, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka àkọsílẹ̀ jẹ.

Ní Whickham, nítòsí Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùwádìí kọ ìlera àwọn ará àdúgbò sílẹ̀ láàárín 1972 sí 1974. Lẹ́yìn 20 ọdún, wọ́n padà lọ wo ẹni tó ṣì wà láàyè. Nínú obìnrin 582 tó ń mu sìgá nígbà àkọ́kọ́, 139 ti kú, bíi 24 nínú 100. Nínú obìnrin 732 tí kò mu ún rí, 230 ti kú, bíi 31 nínú 100. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò sọ pé sìgá ń mú ẹ̀mí gùn.

Ìṣirò náà kò ní àṣìṣe kankan. Àwọn tí wọ́n ń fi wéra ni kò dọ́gba. Nígbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀, obìnrin 193 lára àwọn tí kò mu sìgá ti lé ní 64 ọdún, ṣùgbọ́n 49 péré ni irú wọn láàárín àwọn tó ń mu ún. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni 70 ọdún kò dájú pé yóò rí 20 ọdún sí i, yálà ó mu sìgá tàbí kò mu? Ọjọ́ orí kan ọ̀nà méjèèjì: àwọn ìyá àgbà kì í sábà mu sìgá, àwọn náà ni ikú sì sún mọ́ jù.

Nígbà tí wọ́n fi ẹgbẹ́ wé ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Láàárín àwọn tó jẹ́ ọmọ 55 sí 64, 51 kú nínú 115 tó ń mu sìgá, 40 sì kú nínú 121 tí kò mu ún: 44 nínú 100 sí 33. Ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀rí ọjọ́ orí, àwọn tó ń mu sìgá ló kú jù.

Ọjọ́ orí ṣeé pín nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Amúnisìnà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ kò ṣeé pín. Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ló yẹ ká fi pín ènìyàn. Bí a bá fi àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí sìgá fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ pín àwọn obìnrin wọ̀nyí, ọ̀nà tí sìgá ń gbà pani gan-an la ó dí, ewu rẹ̀ yóò sì dà bíi pé ó kéré. Ohun tó ti wà ṣáájú sìgá la lè fi pín wọn, kì í ṣe ohun tí sìgá bí.

Kèké ló lè mú gbogbo amúnisìnà dọ́gba ní ìhà méjèèjì, títí kan èyí tí a kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ṣẹ́ kèké fún obìnrin pé kó máa mu sìgá fún 20 ọdún.