Lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà ẹrù: orílẹ̀-èdè wo ló fi í ránṣẹ́?

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, àbúrò mi obìnrin fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí. Wọ́n ní lápútọ́ọ̀pù mi ti gbéra ní Lọ́ńdọ́nù." Ẹnì kan tó ń ta ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti gba 40,000 náírà àsansílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní báyìí, ẹni náà ní òun ti gbé ẹrù fún ilé ìfìwéránṣẹ́, ó wá ku kí àbúrò mi san 85,000 náírà "owó aṣọ́bodè" kí ẹrù tó lè wọlé. Nọ́ńbà tó fi ṣe ẹ̀rí nìyí:

```
RB618403574UK
```

Mi ò tíì wò ó tán tí mo fi dá a lóhùn pé, "Má tíì sanwó o! Lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn yẹn ò dáa." Ó ní, "Ṣebí UK náà ni Lọ́ńdọ́nù?" Bẹ́ẹ̀ ni, Lọ́ńdọ́nù wà ní UK. Àmọ́ kò sí ẹrù tí ilé ìfìwéránṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ránṣẹ́ sókè òkun tí nọ́ńbà irú èyí máa ń parí sí UK. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Àjọ kan wà tó ń jẹ́ Àjọ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé, UPU ni wọ́n ń pè é ní ìkékúrú. Ìlú Bern ní Siwisalandi ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1874. Àjọ yìí ló ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní S10, òfin tó sọ bí nọ́ńbà ẹrù tó ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ohun mẹ́tàlá ló máa ń wà nínú nọ́ńbà náà, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Ẹ wo ti ìwé kan tí ọ̀rẹ́ mi fi ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́ńdọ́nù (mo ti yí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ padà):

```
RN 30514726 1 GB
```

Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ ń sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R, ìwé tàbí ẹrù kékeré tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ E, ẹrù tó ń yára lọ, tí wọ́n ń pè ní EMS ni. Tó bá jẹ́ C, ẹrù ńlá ni. Nọ́ńbà mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e ni ti ẹrù yẹn gan-an. Ẹyọ kan tó dá dúró lẹ́yìn wọn ni nọ́ńbà àyẹ̀wò, a máa padà sí i. Lẹ́tà méjì tó kẹ́yìn ló wá ń sọ orílẹ̀-èdè tí ilé ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀ fún ẹrù náà ní nọ́ńbà.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í gbọ́. Kì í ṣe ibi tí ẹrù ń lọ ni lẹ́tà yẹn ń sọ o, ibi tó ti gbéra ni. Tí mo bá fi aṣọ òkè ránṣẹ́ láti Ìbàdàn sí Lọ́ńdọ́nù, NG ni nọ́ńbà rẹ̀ máa parí sí. NG náà ló máa jẹ́ tó bá dé Lọ́ńdọ́nù, NG náà ló máa jẹ́ títí wọ́n fi máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó ni ín. Bíi ilà ojú ló rí: ibi yòówù kéèyàn lọ, ilà tó bá kúrò nílé ló ṣì máa wà lójú rẹ̀.

Kí nìdí tí wọ́n fi nílò rẹ̀? Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń ka nọ́ńbà tirẹ̀. Kò sóhun tó ní kí Nàìjíríà àti Gẹ̀ẹ́sì má fún ẹrù méjì ní RN305147261 kan náà. Lẹ́tà ìparí ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀, tí ọ̀kan á jẹ́ GB, tí èkejì á jẹ́ NG. Tí ẹ̀rọ bá ka àmì onílà tó wà lára ẹrù náà ní Èkó, lẹ́tà yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí pé ẹrù ti dé. Tí ẹrù bá sì sọnù, ilé ìfìwéránṣẹ́ orílẹ̀-èdè yẹn ni ẹni tó fi í ránṣẹ́ ti máa fi ẹjọ́ sùn.

Ìwé òfin mìíràn ni wọ́n ti mú àwọn lẹ́tà náà wá, ISO 3166 lorúkọ rẹ̀, ọdún 1974 ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e jáde. Nínú rẹ̀, GB ni àmì gbogbo ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì, títí kan Àríwá Ayálándì. Wọ́n kàn fi UK pa mọ́ síbẹ̀ ni, kí orílẹ̀-èdè mìíràn má baà gbà á. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi fi kọ́kọ́ dà bí irọ́ lójú mi. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu náà ni wọ́n ń kọ ọ́.

Òun nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí lè dà rú mọ́ lójú. CN ni Ṣáínà, CA ni Kánádà. CH kì í ṣe Ṣáínà rárá, Siwisalandi ni, orúkọ orílẹ̀-èdè náà ní èdè Látìn ni wọ́n ti mú un. DE ni Jámánì, torí Deutschland lòun ń pe ara rẹ̀. ZA ni Gúúsù Áfíríkà. Ní tiwa níbí, NG ni Nàìjíríà, NE sì ni Niger aládùúgbò wa. BJ ni Bẹ̀nẹ̀, TG ni Tógò. Tí ẹ bá ń retí ẹrù láti Kútọnu, BJ ni kí ẹ máa wò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí nọ́ńbà àyẹ̀wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ tí ẹnì kan bá ṣi nọ́ńbà kọ. Ẹ mú nọ́ńbà mẹ́jọ àárín, kí ẹ fi 8, 6, 4, 2, 3, 5, 9 àti 7 sọ wọ́n di púpọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra yẹn gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ti ìwé ọ̀rẹ́ mi ṣe lọ nìyí:

```
3×8 + 0×6 + 5×4 + 1×2 + 4×3 + 7×5 + 2×9 + 6×7 = 153
```

Ẹ fi 11 pín 153, ó máa ṣẹ́ ku 10. Ẹ yọ 10 kúrò nínú 11, ó ku 1. Nọ́ńbà àyẹ̀wò rẹ̀ sì jẹ́ 1 lóòótọ́. (Tí ìdáhùn yín bá jẹ́ 10, 0 ni wọ́n máa kọ. Tó bá jẹ́ 11, 5 ni wọ́n máa kọ.) Ẹ wá wo ti àbúrò mi:

```
6×8 + 1×6 + 8×4 + 4×2 + 0×3 + 3×5 + 5×9 + 7×7 = 203
```

Ẹ fi 11 pín 203, ó ṣẹ́ ku 5. Tí a bá yọ 5 kúrò nínú 11, ó ku 6. Àmọ́ 4 ló wà lára nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Lẹ́tà ìparí ò dáa, ìṣirò náà ò dáa. Ẹnì kan kàn jókòó síbì kan, ó sì tẹ ohun tó wá sí i lọ́kàn ni.

Ẹ kíyè sí ohun kan o: ìṣirò yẹn ò kan lẹ́tà kankan. Tí mo bá yọ GB kúrò lára nọ́ńbà ìwé yẹn, tí mo fi CN sí i, nọ́ńbà àyẹ̀wò ṣì máa jẹ́ 1, ẹ̀rọ ò ní sọ nǹkan kan. Torí náà, ẹ fi ojú yín wo lẹ́tà ìparí, kí ẹ sì bi ara yín bóyá ó bá ìtàn tí wọ́n sọ fún yín mu.

Síbẹ̀, ẹ má tìtorí lẹ́tà nìkan pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ní ọdún kan, mo ra báàgì kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Ṣáínà, nọ́ńbà tó fún mi sì parí sí NL, ìyẹn Nẹ́dálándì. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ báàgì náà dé. Àwọn oníṣòwò Ṣáínà kan máa ń gbé ẹrù wọn gba ọwọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn, bíi Nẹ́dálándì tàbí Singapọọ. Ilé ìfìwéránṣẹ́ tó bá sì fún ẹrù ní nọ́ńbà ni lẹ́tà náà ń tọ́ka sí, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ọjà. Bákan náà, àwọn ilé iṣẹ́ akẹ́rù aládàáni bíi DHL ní irú nọ́ńbà tiwọn. Nọ́ńbà DHL Express sábà máa ń jẹ́ ẹyọ mẹ́wàá láìsí lẹ́tà kankan. Òfin S10 ò kan ìyẹn.

Ohun mìíràn ni pé nọ́ńbà lè jẹ́ òótọ́, kó má jẹ́ tìrẹ. Oníjìbìtì lè rí nọ́ńbà ẹlòmíràn, kó fi ránṣẹ́ sí ọ. Nítorí náà, tí lẹ́tà bá dáa, tí ìṣirò náà sì dáa, ẹ tẹ nọ́ńbà náà sórí ìkànnì ilé ìfìwéránṣẹ́ orílẹ̀-èdè tí lẹ́tà náà sọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì tí ẹni tó ń tajà fún yín. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n gbà á wọlé, ẹ sì wo orílẹ̀-èdè tó ń lọ. Tó bá jẹ́ pé oṣù tó kọjá ni wọ́n ti gbé e dé Kánádà, kì í ṣe tìrẹ.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní kí àbúrò mi bi ẹni náà ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ló dé tó fi jẹ́ UK, tí kò jẹ́ GB?" Èsì tó kọ́kọ́ wá ni pé, "Ọ̀kan náà ni wọ́n." Àbúrò mi wá ní kó ya àwòrán rìsíìtì tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fún un. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹni náà kọ̀wé pé wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù náà tí owó ò bá wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, ó ti dí ọ̀nà tí àbúrò mi lè gbà bá a sọ̀rọ̀.

40,000 náírà àkọ́kọ́ ti lọ, a ò rí i gbà padà. Àmọ́ 85,000 náírà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó tún fi nọ́ńbà mìíràn ránṣẹ́ sí mi, bàtà ló rà lọ́tẹ̀ yìí. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "CN ló wà nídìí rẹ̀, Ṣáínà náà ni wọ́n sọ fún mi. Mo ti ṣe ìṣirò ẹ̀, 7 ni mo rí, 7 náà ló wà níbẹ̀. Ẹ kàn bá mi wò ó bóyá mo gbà á."

Ó gbà á.