Àtùpà Márùn-ún, Fóònù Kan

Àgbàlá kan ni mò ń tò fún géèmù fóònù. Alẹ́ ni eré náà ń wáyé. Ọmọdékùnrin kan ń yọ́ rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ tí ìyá àgbà fi pamọ́. Àtùpà mẹ́rin wà lára ògiri, ẹ̀karùn-ún wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó dùn ún wò. Òjìji àwọn òpó nà gbọọrọ sílẹ̀, bí ọmọ bá sì ti ń gbé àtùpà rẹ̀ kiri ni òjìji wọn ń yí padà. Mo wá gbé e sórí fóònù. Eré bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, ó ń lọ, ó tún ń dúró, bí ọ̀rọ̀ akólòlò. Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀yìn fóònù ti gbóná, bátìrì sì ń lọ sílẹ̀ wìì.

Mo kọ́kọ́ bú fóònù. Nígbà tó yá ni mo rí i pé èmi gan-an ni mo di ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ lé e lórí.

Ọ̀nà méjì ni àwa tá a ń ṣe géèmù ń gbà tan iná. Èkíní ni ìmọ́lẹ̀ ojú-ẹsẹ̀. Bí eré ṣe ń lọ lọ́wọ́, fóònù fúnra rẹ̀ ló ń ṣírò ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé àti ibi tí òjìji bọ́ sí. Ìṣírò yìí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Géèmù tó bá ń lọ geere máa ń ya àwòrán 30 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ìgbà tó bá sì ya òmíràn ló ń tún ìṣírò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, bí nǹkan kan ò tiẹ̀ mira nínú àgbàlá.

Ọ̀nà kejì là ń pè ní béèkì. Kọ̀ǹpútà ẹni tó ń ṣe géèmù ló ń ṣe ìṣírò níbí, kí géèmù tó jáde rárá. Ó lè lo ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè lo ọ̀pọ̀ wákàtí. Ohun tó bá rí, yóò yà á sínú àwòrán ìmọ́lẹ̀, ìyẹn àwòrán tí a ó máa tẹ́ lé ojú ògiri àti ilẹ̀. Bí ẹ bá ti rí aláró rí, ẹ ti mọ bó ṣe rí. Ìkòkò aró wà nílé aláró, iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Ẹni tó wọ àdìrẹ lọ sóde kò gbé ìkòkò dání. Fóònù tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tí a ti béèkì hàn kò ṣírò nǹkan kan, aṣọ tí a ti rẹ ló kàn gbé wọ̀.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Ní 1996, géèmù Quake ti ń lo àwòrán ìmọ́lẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò lágbára ìṣírò ojú-ẹsẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe Doom 3 ní 2004, tí òjìji rẹ̀ ń yí padà lójú ẹni tó ń ta á. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ló kọ́kọ́ gbé ẹrù ìyẹn. Fóònù kò ní fáànù, àpò ènìyàn ló sì ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí owó iná ti ń wọlé gan-an, nítorí kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ ló wọ́n jù, òjìji ni. Kí ẹ̀rọ tó mọ ibi tí òjìji bọ́ sí, ńṣe ló máa ń lọ dúró síbi tí àtùpà wà, tí yóò sì wo ayé láti ibẹ̀. Ohun tí àtùpà rí ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Ohun tí nǹkan mìíràn bò mọ́ ọn lójú ló wà nínú òjìji. Wíwò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, àwòrán ni ẹ̀rọ ń yà lóòótọ́. Iná tọ́ọ̀ṣì ń wo iwájú nìkan, nítorí náà àwòrán kan tó o. Àmọ́ àtùpà ń tàn yíká. Ó gbọ́dọ̀ wo iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, òkè àti ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà nìyẹn. Àtùpà márùn-ún tèmi wá di 30 àwòrán tí fóònù ní láti yà kó tó ya ọ̀kan ṣoṣo tí ojú ènìyàn máa rí. Bó bá sì jẹ́ pé 30 ìgbà ni ojú fóònù ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó di 900. Bí fóònù ò bá gbóná lórí ìyẹn, kí ló tún máa mú un gbóná?

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo ń bi ara mi léèrè pé, "Èwo ni kí àgbàlá yìí lò?" A kì í da ìbéèrè yẹn bo gbogbo àgbàlá. Àtùpà kọ̀ọ̀kan là ń bi: ṣé o máa ń kúrò lójú kan? Ṣé o máa ń kú, kó o tún tàn? Mẹ́rin tó wà lára ògiri dáhùn pé rárá. Nínú Unity tí mò ń lò, mo yí `Mode` wọn sí `Baked`. Ti ọwọ́ ọmọ kò ṣe é béèkì, nítorí ẹni kan ò mọ ibi tí ọmọ máa gbà. `Realtime` ni mo fi í sí, mo sì pa òjìji rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tàn sára ògiri bí ọmọ ti ń kọjá, ṣùgbọ́n wíwò ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà ti kúrò ńlẹ̀. Mo tẹ́ àwòrán roboto dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ kó má bàa dà bí ẹni tó ń fò lókè ilẹ̀. Ojú kò tètè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí òjìji gidi.

Béèkì tún fún mi ní ohun tí n kò ní tẹ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ba ògiri tí a fi ilẹ̀ pupa rẹ́ máa ń ta padà, á sì mú kí ilẹ̀ tó wà nítòsí pọ́n díẹ̀. Kọ̀ǹpútà ráyè ṣírò títa padà yẹn nítorí kò sí ẹni tó ń kán an lójú. Ó wọ inú àwòrán ìmọ́lẹ̀, fóònù sì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Àmọ́ ọ̀fẹ́ náà ní ibi tó mọ. Àwòrán ìmọ́lẹ̀ ń gba àyè. Ká sọ pé ilẹ̀, ògiri àti òrùlé àgbàlá náà jẹ́ 2,000 mítà níbùú lóròó. Unity máa ń fi `Lightmap Resolution` sí 40 bí a kò bá fọwọ́ kàn án, ìyẹn ni pé mítà kan ń gba písẹ́lì 40 ní gígùn, 40 ní fífẹ̀, tí í ṣe 1,600. Gbogbo rẹ̀ di 3,200,000. Àwòrán ìmọ́lẹ̀ kan tó jẹ́ 1024 sí 1024 kò gbà ju nǹkan bíi 1,048,000 lọ, nítorí náà mẹ́rin ni yóò gbà, ó kéré tán. Nígbà tí mo fà á wá sí 10, gbogbo rẹ̀ di 200,000, ó wọ inú ọ̀kan, àyè sì ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n òjìji òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàjẹ́. Òpó náà nípọn tó 20 sẹ̀ǹtímítà. Písẹ́lì kan sì ti di sẹ̀ǹtímítà 10. Písẹ́lì méjì péré ló kù láti fi ya òjìji rẹ̀, ó wá dà bí ibi tí omi dà sí.

Ojútùú rẹ̀ ni pé a kì í pín ẹran dọ́gba fún ẹni tó ń jẹ àti ẹni tó sùn. Òrùlé tí ẹnikẹ́ni kò ní gùn kò nílò ohun tí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nílò. Mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní 10, mo wá mú ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan, tó jẹ́ mítà 100 níbùú lóròó, mo sì fi `Scale In Lightmap` tirẹ̀ sí 4. Òun nìkan gba 160,000 písẹ́lì, ìyókù gba 190,000. Àpapọ̀ wọn kò tó ìdajì àwòrán kan, òjìji òpó sì padà gún régé.

Lẹ́yìn náà ni àléébù bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Èkíní ni ti ọmọ náà. Aṣọ tí a rẹ, ara ògiri ló wà. Kò kan ẹni tó ń rìn. Ọmọ wọ inú òkùnkùn, ara rẹ̀ kò ṣókùnkùn. Ó dé abẹ́ àtùpà ògiri, kò mọ́lẹ̀. Ohun tí a fi ń wo èyí sàn ni kí a fọ́n àwọn ibi àmì ká inú afẹ́fẹ́, tí Unity ń pè ní `Light Probe Group`. Bí a bá ń béèkì, ibi àmì kọ̀ọ̀kan á kọ bí ìmọ́lẹ̀ ti rí níbẹ̀ sílẹ̀, ọmọ á sì máa yá nínú èyí tó bá sún mọ́. Ẹnu ọ̀nà àti etí ìmọ́lẹ̀ ni kí wọ́n ti pọ̀, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń yí padà. Ọ̀kan nínú tèmi bọ́ sínú ògiri, bí ọmọ bá sì ti sún mọ́ ògiri yẹn ni ojú rẹ̀ ń dú bí ìdí ìkòkò.

Èkejì ni ìlà funfun kan tó ń yọ ní ìdí ògiri yàrá tó ṣókùnkùn. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni mo tẹ́ gba abẹ́ ògiri já sí òde. Písẹ́lì tó wà lábẹ́ ògiri na ẹsẹ̀ kan sí ibi tó mọ́lẹ̀, ó na ìkejì sínú òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ wá ń jò. Mo gé ilẹ̀ náà sí méjì níbi tí ògiri wà, ó tán.

Ti ilẹ̀kùn ni kò ní oògùn tó jinná pátápátá. Bí mo bá sàmì `Contribute GI` sí i, òjìji rẹ̀ á wọ ara ilẹ̀, bí ọmọ bá ṣí ilẹ̀kùn, òjìji á ṣì wà níbẹ̀. Bí n kò bá sàmì sí i, ìmọ́lẹ̀ tí a béèkì á máa gba inú ilẹ̀kùn tí a tì kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo gbé àtùpà tó wà nítòsí jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, kí ọ̀rọ̀ náà má hàn jù. Géèmù tí oòrùn ti ń yọ tó sì ń wọ̀, tàbí tí àwọn tó ń ta á lè wó ògiri kí wọ́n sì kọ́ òmíràn, kò lè yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n lè béèkì níbẹ̀ tí kò ní di irọ́. Ojú-ẹsẹ̀ ni tiwọn, kí wọ́n sì dín iye àtùpà tó ń ju òjìji kù.

Orí fóònù ni a ti ń dán gbogbo rẹ̀ wò, ó sì yẹ kó tó 20 ìṣẹ́jú. Fóònù tó bá gbóná máa ń dín eré ara rẹ̀ kù kó má bàa jóná, nítorí náà irọ́ ni ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ń pa.

Àbúrò mi ló bá mi dán tèmi wò. Ó ta á títí, fóònù ò gbóná. Mo ti ń yọ̀ kó tó dúró, tó wá na ìka sí ògiri kan tó ń tàn yòò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, iná wo ló ń tàn síbẹ̀ yẹn?"

Àtùpà tí mo gbé kúrò lẹ́nu ọ̀nà ni. Mo ti gbé e lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì rẹ aṣọ náà ní tuntun. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo tẹ `Generate Lighting`, mo sì lọ wá nǹkan jẹ.