Wákàtí Kan fún Mítà Kan

Wáyà bàbà tí àwọn oníṣẹ́ iná sábà máa ń fà lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ni èyí tí wọ́n ń pè ní 2.5. Ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí ni pé bí a bá gé wáyà náà, ojú ibi tí a gé á fẹ̀ tó mìlímítà onígun mẹ́rin 2.5. Ká ní a so ó mọ́ bátìrì, tí iná áńpù 10 sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ìyẹn bí iná tí kẹ́tùlù ńlá kan ń fà. Báwo ni àwọn ẹ̀lẹ́kítíróònù tó ń gbé iná náà ṣe ń sáré tó? Wọn ò sáré rárá. Kí ọ̀kan nínú wọn tó lọ síwájú ní mítà kan, á gbà á tó wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló máa ṣẹ́kù. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá jìnnà sí bátìrì ní mítà 10, àárọ̀ ni ẹ̀lẹ́kítíróònù á gbéra, ilẹ̀ á ti fẹ́ ṣú kó tó dé.

Síbẹ̀, bí a bá tẹ súìṣì, iná á tàn lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀lẹ́kítíróònù tó wà lẹ́bàá súìṣì ló sáré dé ibi gílóòbù. Inú wáyà kún fún ẹ̀lẹ́kítíróònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí a tó fọwọ́ kan súìṣì. Ohun tó sáré ni agbára tó ń tì wọ́n. Eré agbára yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó eré ìmọ́lẹ̀, nítorí náà gbogbo ẹ̀lẹ́kítíróònù inú wáyà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan àwọn tó ti wà nínú gílóòbù tẹ́lẹ̀. Ti iná ìjọba tiẹ̀ tún wá yàtọ̀: ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, débi pé ẹ̀lẹ́kítíróònù inú wáyà kan náà kì í kúrò lójú kan ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ kó tó padà.

Ẹni tó ṣàlàyé ìrìn yìí pẹ̀lú ìṣirò ni Paul Drude, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, ní ọdún 1900. Ọdún mẹ́ta péré ni J. J. Thomson ti fi hàn ní Cambridge pé ẹ̀lẹ́kítíróònù wà. Drude ní kí a gbà pé nínú irin, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ti jọ̀wọ́ ẹ̀lẹ́kítíróònù kan tàbí méjì, tí àwọn yìí sì ń fò káàkiri láàárín àwọn átọ́ọ̀mù bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe nínú agolo òfìfo. Wọ́n ń sáré kíkankíkan nítorí ooru, wọ́n ń kọlu nǹkan, wọ́n sì ń yà síbi tó bá wù wọ́n lẹ́yìn ìkọlù kọ̀ọ̀kan. Nínú yàrá lásán, ìṣirò tirẹ̀ fún wọn ní eré tó ju kìlómítà 100 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n bí àwọn kan ṣe ń lọ sọ́tùn-ún ni àwọn mìíràn ń lọ sósì, gbogbo rẹ̀ á sì pa ara rẹ̀ rẹ́. Eré wà, ìrìn ò sí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí bátìrì dé. Agbára rẹ̀ ń ti ẹ̀lẹ́kítíróònù kọ̀ọ̀kan sí apá kan náà láì dẹwọ́. Ohun tí a bá sì ń tì láì dẹwọ́, tí nǹkan kan ò dí i lọ́wọ́, ńṣe ló yẹ kí eré rẹ̀ máa pọ̀ sí i láì lópin. Iná inú wáyà ìbá máa ga sí i ní gbogbo ìṣẹ́jú. Kò rí bẹ́ẹ̀: áńpù 10 ni lónìí, áńpù 10 ni lọ́la. Ìdáhùn Drude ni pé ìkọlù ló ń ba iṣẹ́ bátìrì jẹ́. Ẹ̀lẹ́kítíróònù á kó eré díẹ̀ jọ sí apá tí wọ́n ń tì í sí, á forí sọ nǹkan, á sì gbàgbé gbogbo ohun tó kó jọ. Á wá tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ kí e dúró fún ẹrù iná tí ẹ̀lẹ́kítíróònù kan rù, kí m dúró fún ìwọ̀n rẹ̀, kí E sì dúró fún bí ìtì bátìrì ṣe le tó lórí mítà wáyà kọ̀ọ̀kan. Agbára tó ń tì í jẹ́ eE. Bí a bá fi m pín in, a ó mọ iye tí eré rẹ̀ fi ń pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn eE/m. Tí àkókò t bá ti kọjá láti ìgbà tó ti kọlu nǹkan kẹ́yìn, eré tó ti kó jọ jẹ́ eEt/m. Eré tó bá kúrò nídìí ìkọlù ò ṣe é kà, torí pé gbogbo apá ló ń lọ, ó sì ń já sí òdo bí a bá da gbogbo wọn pọ̀. Ohun tó kù ni ká mọ iye tí t jẹ́ fún ẹ̀lẹ́kítíróònù kan pẹ̀lú òmíràn. Bí a bá pe iye náà ní τ, eré tí gbogbo wọn fi ń wọ́ lọ ni:

v = eEτ/m

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní: bí àkókò tó wà láàárín ìkọlù kan sí èkejì bá jẹ́ τ, òdo ni eré níbẹ̀rẹ̀, eEτ/m ni lópin, nítorí náà ó yẹ kí a pín in sí méjì kí a tó rí èyí tó wà láàárín. Ó dà bí òótọ́, ṣùgbọ́n ìkọlù kì í ní aago. Ẹ wo ibùdókọ̀ tí dánfó kì í ti í tẹ̀lé àkókò kankan. Ká ní ọkọ̀ méjì ń tẹ̀ léra lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, tí òmíràn á sì wá dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 19, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ. Bí a bá dá a pọ̀ tí a pín in, ìṣẹ́jú 10 ló wà láàárín ọkọ̀ kan sí èkejì. Ẹni tó bá ṣàdédé yọ síbẹ̀ á rò pé òun máa dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó tì o. Àlàfo gígùn ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí nígbà gbogbo, torí òun ló gba àkókò tó pọ̀ jù, ìdúró rẹ̀ á sì tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Bí ìgbà tí ọkọ̀ ń dé kò bá tiẹ̀ ní ètò rárá, ìdúró náà á pé ìṣẹ́jú 10 gẹ́lẹ́, àkókò tó ti kọjá láti ìgbà tí ọkọ̀ tó ṣáájú ti lọ náà á sì jẹ́ 10. Bó ṣe rí fún ẹ̀lẹ́kítíróònù nìyẹn. Èyí tí a bá ṣàdédé mú nínú wáyà, τ gangan ló ti kọjá láti ìgbà ìkọlù rẹ̀ kẹ́yìn, kì í ṣe ìdajì τ.

Drude fúnra rẹ̀ pín in sí méjì nínú ìwé rẹ̀ ti 1900, àṣìṣe náà sì ṣe é lóore. Láti ọdún 1853 ni Wiedemann àti Franz ti rí i pé irin tó bá ń gba iná kọjá dáadáa máa ń gba ooru kọjá dáadáa pẹ̀lú, ní ìwọ̀n kan náà. Drude fi ìṣirò tirẹ̀ wá ìwọ̀n yìí, ó sì bá èyí tí wọ́n wọ̀n nínú yàrá ìwádìí mu lọ́nà tó yani lẹ́nu. Ká ní kò pín in sí méjì ni, ìdajì ohun tó yẹ ni ìbá rí. Mi ò rò pé àwọn èèyàn ì bá tètè gba àlàyé rẹ̀ gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Láti inú eré, ó kù díẹ̀ ká dé ọ̀dọ̀ iná. Ká ní ẹ̀lẹ́kítíróònù n ló wà nínú mítà onígun mẹ́ta kan, kí A sì jẹ́ fífẹ̀ ojú wáyà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn tó máa kọjá níwájú wa ni àwọn tí kò jìnnà ju v lọ, iye wọn sì jẹ́ nAv. Ẹrù e ni ẹnì kọ̀ọ̀kan rù, nítorí náà I = neAv. Bí a bá fi eEτ/m rọ́pò v, tí a sì pín in fún A àti E, ohun tó ṣẹ́kù jẹ́ ti irin nìkan, kò kan bátìrì. Òun ni bí irin náà ṣe ń gba iná kọjá tó:

σ = ne²τ/m

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí wáyà wa. Nínú mítà onígun mẹ́ta bàbà kan, iye ẹ̀lẹ́kítíróònù tó wà lómìnira jẹ́ 8.5 × 10²⁸, ìyẹn 85 tí òdo 27 tẹ̀lé. Ẹ̀lẹ́kítíróònù kan láti ọ̀dọ̀ átọ́ọ̀mù kan ni a kà. Bí a bá fi neA pín áńpù 10, v á jẹ́ 0.29 mìlímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibẹ̀ ni wákàtí kan fún mítà kan ti wá. σ bàbà tí wọ́n wọ̀n nínú yàrá ìwádìí jẹ́ nǹkan bí 6 × 10⁷, láti ibẹ̀ ni a sì ti rí i pé τ jẹ́ 2.5 × 10⁻¹⁴ ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀lẹ́kítíróònù kan ń forí sọ nǹkan ní ìgbà tírílíọ̀nù 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo eré tó ń pàdánù nínú ìkọlù wọ̀nyí ló ń di ooru, ó sì tó wáàtì 0.67 lórí mítà wáyà kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí wáyà fi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ràn jù nínú ìṣirò yìí. Láti 1827 ni Georg Ohm ti sọ pé bí a bá fi ìtì kún ìtì lọ́nà méjì, iná náà á di ìlọ́po méjì. Kí ló dé tí kì í fi í ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kó dín? Torí pé τ kò mọ̀ pé bátìrì wà ni. Ẹni tó ń sáré kìlómítà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a wá fi ìdá mìlímítà kan kún eré rẹ̀, kò lè torí ìyẹn tètè kọlu nǹkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìtì ò yí τ padà, σ náà ò sì yí padà.

Ooru ló tú àṣírí àlàyé Drude. Lójú tirẹ̀, àwọn átọ́ọ̀mù ni ẹ̀lẹ́kítíróònù ń kọlù, ọ̀nà tó ń rìn láàárín ìkọlù méjì kì í sì í yí padà. Bí wáyà bá tutù, ẹ̀lẹ́kítíróònù kàn ń dẹ eré ni, τ á sì gùn díẹ̀. Bí a bá ri bàbà tí kò lábùkù bọ inú náítírójìn olómi, níbi tí ooru ti já wálẹ̀ dé −196°C, ìṣirò rẹ̀ sọ pé ìdènà rẹ̀ kò ní í lè dín kù ju ìlọ́po méjì lọ sí ti orí yìnyín. Nínú yàrá ìwádìí, ó dín kù ní bí ìlọ́po mẹ́jọ. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti àṣìwọ̀n.

Ní 1927, Arnold Sommerfeld lo òfin kúáńtọ́ọ̀mù fún ẹ̀lẹ́kítíróònù inú irin, ó sì hàn pé àwọn tó ń gbé iná ń sáré ju bí Drude ṣe rò lọ ní ìlọ́po mẹ́tàlá. Ní 1928, Felix Bloch wá fi hàn pé bí àwọn átọ́ọ̀mù bá tò létòlétò láì mì, ẹ̀lẹ́kítíróònù á gba àárín wọn kọjá láì kọlu ohunkóhun. Ohun tó ń kọlù ni gbígbọ̀n tí ooru ń mú kí átọ́ọ̀mù máa gbọ̀n, àti ibi tí ètò náà bá ti bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń rìn kọjá bí átọ́ọ̀mù 150 kó tó kọlu nǹkan, dípò bí 11 tí ìṣirò àtijọ́ fún wa.

Síbẹ̀, σ = ne²τ/m kò kúrò níbi tó wà. Ìtumọ̀ τ nìkan ló yí padà, àwọn tó ń ṣe wáyà sì ń fojú rí i. Bàbà tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi máa ń ní fọ́sífọ́ọ̀sì díẹ̀ nínú, èyí tí kò tó ìdá kan nínú 2,000. Kò yí n padà, kò kan e àti m rárá. Ṣùgbọ́n átọ́ọ̀mù àjèjì díẹ̀ yẹn tó láti sọ τ di 2 × 10⁻¹⁴ dípò 2.5, kí bàbà náà sì pàdánù ìdá kan nínú márùn-ún agbára tó fi ń gba iná kọjá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ fi iná fọ bàbà inú wáyà mọ́ kí wọ́n tó fà á, tí wọn kì í sì í fi ti páìpù rọ́pò rẹ̀.