Kí Lo Fẹ́ Kí N Gbà Gbọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé àròkọ rẹ̀ wá bá mi. Ohun tó ń jà fún ni pé ó yẹ kí a máa fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èdè rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n mo ka ìpínrọ̀ kejì lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí ibi tó ń lọ. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: “Ọ̀rọ̀ èdè abínibí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ̀rọ̀ lé lórí.”

Kò sí ẹni tó máa jiyàn sí ìyẹn, àbùkù rẹ̀ gan-an sì nìyẹn. Ó dárúkọ ọ̀rọ̀, kò sọ ohun tí òǹkọ̀wé rí nínú rẹ̀.

Ó tún un kọ: “Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà.” Òótọ́ ni, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni. Ẹ̀rí tó dé kí ẹjọ́ tó dé kò rí ibi jókòó.

Mo bi í pé, “Kí lo fẹ́ kí n gbà gbọ́ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀?”

Ó ronú díẹ̀. “Pé Yorùbá ò ní kọ́mọ má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, sà.”

“Kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ó kọ pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kì í kùnà nínú Gẹ̀ẹ́sì láé. “Láé” yẹn ni mo ní kó yọ, torí ètò kan ní ìlú kan kò lè gbé e. Ohun tó kù ni pé: “Ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹgbẹ́ rẹ̀.” Ìgbà yìí ni Ifẹ̀ wá wọlé: iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún àwọn ọmọ náà, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ wọn, wọn kò sì rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn.

Bí gbólóhùn àkọ́kọ́ ṣe mú báyìí, àlejò inú ìpínrọ̀ náà hàn. Ó ti sọ níbẹ̀ pé ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá kò pọ̀. Ìyẹn kò kan ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí tí kò gbọ́, ló bá di ìpínrọ̀ tirẹ̀: “Àìtó ìwé ló ń dí wa lọ́wọ́, kì í ṣe àìtó èdè.”

Mo ní kó da gbólóhùn àkọ́kọ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ sórí ìwé mìíràn, kó kà wọ́n tẹ̀ léra láìwo ìyókù. Nínú ìtàn sísọ, n kò ní béèrè èyí, torí ìtàn lè fi ọ̀rọ̀ pamọ́ di ìparí. Ó kà á dé ìkẹrin, ó dákẹ́. Ìkẹta àti ìkẹrin ń sọ ohun kan náà. Ó fa ìlà gba orí ìkẹrin.