Ìwé Ìdúpẹ́ fún Alásè, Oníṣọ̀ọ́ àti Onífọ́tò lẹ́yìn Ìgbéyàwó

Ìwé ìdúpẹ́ tó dára máa ń dárúkọ ohun tí oníṣẹ́ ṣe gan-an. “Ẹ ṣeun, inú wa dùn” kò ní nǹkan kan nínú tí alásè lè fi han oníbàárà mìíràn.

Ti alásè ló rọrùn jù, nítorí àwọn àlejò á ti sọ ọ́ kí wọ́n tó kúrò ní gbọ̀ngàn: bóyá oúnjẹ gbóná, bóyá ó kárí. Ẹni tó ń kọ ọ́ lè sọ pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àmàlà yín ṣì ń rú èéfín nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, ẹ sì rántí bu ti àwọn onílù.” Gbólóhùn nípa onílù yẹn ni alásè kò ní gbàgbé.

Iṣẹ́ oníṣọ̀ọ́ máa ń parí kí àlejò tó dé, ìdí nìyẹn tí ọpọ́n rẹ̀ kì í fi í kún. Bí ìdána àárọ̀ àti àríyá ọ̀sán bá wáyé nínú gbọ̀ngàn kan náà, bó ṣe yára pààrọ̀ aṣọ àti òdòdó ló yẹ kí wọ́n mẹ́nu bà.

Ti onífọ́tò á dúró títí àwòrán yóò fi dé. Nígbà náà, kí wọ́n yan ẹyọ kan, bí ojú ìyá ìyàwó nígbà tí ọkọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bí àléébù bá wà, orí fóònù ni kí wọ́n ti sọ ọ́. Owó tó bá kù ńlẹ̀, kí wọ́n san án ṣáájú ìwé náà.