Ife Kan Náà, Agbára Rẹ̀ Yàtọ̀

"Ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́." Ohun tí àwọn ìyá alágbo máa ń sọ fún oníbàárà nìyẹn, orí ẹ̀ náà sì ni nọ́ọ̀sì tó wá bá àwọn ìyá ọjà sọ̀rọ̀ n'Íbàdàn dúró sí. Kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ń mu agbo. Ìbéèrè kan ló bi wọ́n: agbo ọjọ́ wo lẹ ń bù sí ife ọ̀hún?

Agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ewé asùnwọ̀n sè ló mú ṣàpẹẹrẹ. Ó ní ká ní ìyá kan da píọ̀ wọ́tà mẹ́jọ lé ewé nínú ìkòkò. Ìdajì lítà ni ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ó di lítà 4. Bí ife ìdíwọ̀n bá gba ìdámẹ́rin lítà, ife 16 ló wà nínú ìkòkò yẹn. Lọ́jọ́ kejì, kí agbo má baà kan, ó tún gbé e kaná. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ká ní kò tíì tà nínú rẹ̀, tí agbo sì wá gbẹ di lítà 2, ife 8 péré ló kù. Omi nìkan ló bá ooru lọ, ohun tó wà nínú asùnwọ̀n tó ń mú kí inú ṣíṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó mu ife kan lọ́jọ́ kẹta ti mu tó ife méjì ti ọjọ́ kìíní. Kódà ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ewé tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ìkòkò ṣì ń tú oje sílẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá tún hó.

Ohun tó ní kí wọ́n ṣe kò la owó lọ. Tí agbo bá ti jinná, kí wọ́n sẹ́ ewé kúrò. Kí wọ́n ki igi tó mọ́ bọ ìkòkò, kí wọ́n sì fi ọ̀bẹ há ojú ibi tí agbo dé. Kí wọ́n tó tún gbé e kaná, kí wọ́n wo ibi tó dé lára igi. Tó bá hó tán, kí wọ́n fi omi gbígbóná dá a padà síbẹ̀.

"Ọmọ mi," ìyá alágbo kan dá a lóhùn, "bí mo bá fi omi sí i, oníbàárà á ní mo bu omi là á."

"Màmá, omi tó gbẹ lẹ dá padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí igi yẹn."

Mo gbà pé ìyá yẹn lẹ́jọ́: agbo tó ki, tó dúdú, lọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ojúlówó. Igi kì í sì í sọ bí ewé ṣe lágbára tó láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ewé asùnwọ̀n ìdì kan kò bá ti ìdì kejì dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì ò fi dá iye ife fún ẹnikẹ́ni. Díẹ̀ ni kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀, kó sì mú sùúrù.

Sùúrù yẹn gan-an ló máa ń wọ́n. Asùnwọ̀n kì í ṣíṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó máa ń tó wákàtí 6 sí 12. Ẹ jẹ́ ká wo ìyá aláta tó mu ife kan ní aago méje àárọ̀. Dọ̀sán, inú ò ṣe nǹkan kan, ló bá tún mu ife kejì, ó ní bóyá ti àkọ́kọ́ ò jẹ́ ni. Nírọ̀lẹ́, ife àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa, ìkejì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ó ń yàgbẹ́ gbuuru títí di òru. Ìyá yìí sì tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, irú èyí tó ń mú kéèyàn tọ̀ léraléra. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ gbuuru jọ ń kó omi àti èròjà tí wọ́n ń pè ní pọtásíọ̀mù jáde lára rẹ̀. Nígbà tó bá yá, iṣan ẹsẹ̀ á máa fà á, ara ò ní gbé e mọ́, àyà á máa já a. Kì í ṣe pé agbo ń "fọ ẹ̀gbin jáde" nìyẹn, bí wọ́n ṣe máa ń wí.

Nítorí náà, kí ẹni tó máa mu ún mu ún lálẹ́, lẹ́ẹ̀kan, kó sì dúró di àárọ̀ kó tó ronú àtimu òmíràn. Kó má ṣe mu ún ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Aboyún, ọmọdé àti ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ọkàn kò gbọ́dọ̀ dá a mu láì bi dókítà.

Ẹnì kan bi í nípa èyí tó ṣẹ́kù. Ó ní agbo tí kò sí nínú fíríìjì kò yẹ kó kọjá ọjọ́ kan, èyí tó bá sì ti ń hó kùṣùkùṣù nínú ìgò láìsí lórí iná, dídà ni. Sísè ò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́, nítorí oró tí kòkòrò àìfojúrí ti pọ sínú rẹ̀ lè má bá iná lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni oró tó wà lára èèpo igi tó ti bu.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi píọ̀ wọ́tà méjì po omi oníyọ̀ àti ṣúgà: ṣíbí tíì 6 ti ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì ti iyọ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ ra orí ṣíbí kó tẹ́jú. Tí àyà bá ń já ẹni náà, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ọsibítù ni. Kí ẹni tó bá gbé e lọ mú ìgò agbo náà dání, kó sì ka orúkọ gbogbo ewé tó wà nínú rẹ̀ fún dókítà.